Ṣé Kí Ẹ Gbà á Tàbí Kí Ẹ Kọ̀ ọ́? Ìwé Ìpè Àyẹ̀wò Akẹgbẹ́ àti Wákàtí Tó Ń Gbà

Ìwé ìpè náà kì í gùn. Olóòtú jọ́nà kan kọ̀wé sí yín pé iṣẹ́ ìwádìí kan wà níwájú òun, òun sì fẹ́ kí ẹ bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ó so àkọlé iṣẹ́ náà àti àṣamọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn, ó fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ó sì fi ibi méjì sílẹ̀ tí ẹ lè tẹ̀: `Accept` tàbí `Decline`. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa yìí ti ń rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ iṣẹ́ àkọ́kọ́ yín jáde. Ímeèlì yín tó wà lábẹ́ iṣẹ́ náà ni wọ́n fi ń rí yín.

A kì í sanwó fún àyẹ̀wò yìí. Ohun tí ẹ máa fi sílẹ̀ ni àkókò, ohun tó sì wà lọ́wọ́ yín ni ìwádìí tí ẹlòmíràn ti lo ọdún lórí rẹ̀. Nítorí náà, ohun méjì ló yẹ kí èèyàn ṣírò kó tó fèsì: ṣé èmi ló yẹ kó yẹ iṣẹ́ yìí wò, ṣé mo sì ní wákàtí tí mo lè fi yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa?

Àpẹẹrẹ kan ni màá lò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ká sọ pé ẹ ń gbé ní Ẹ̀sítéètì Abraham Adésànyà, lójú títì Lẹkki sí Ẹ̀pẹ́, kí èèyàn tó dé Ajah. Ẹ ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé ní Akọkà lórí kẹ́mísírì omi abẹ́ ilẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín dá lórí omi bọ́họ́ọ̀lù 24 ní ẹ̀sítéètì yín gan-an, Ògómbò àti Sàngótẹ́dó. Àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ ní omi òkun ti ń wọnú omi tí àwọn èèyàn ń fà. Àpèjúwe ni iṣẹ́ yìí, kò sí jọ́nà tó tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe àròsọ: ilẹ̀ yanrìn ni Lẹkki, òkun wà ní gúúsù rẹ̀, ọ̀sà wà ní àríwá, ọ̀pọ̀ ilé ló sì gbẹ́ bọ́họ́ọ̀lù tirẹ̀. Bí a bá ń fa omi tó dùn ju bí òjò ṣe ń dá a padà lọ, omi iyọ̀ lè gba ipò rẹ̀.

Ta ló ń pè yín?

Kí ẹ tó ronú nípa iṣẹ́ náà, ẹ wo jọ́nà náà. Ẹ má tẹ ìlà tó wà nínú ímeèlì. Ẹ fúnra yín wá ojúewé jọ́nà náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò bóyá orúkọ olóòtú tó kọ̀wé sí yín wà níbẹ̀. Ẹ wò bóyá jọ́nà náà wà nínú àkójọ DOAJ, tàbí, tó bá jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà, bóyá ó wà lórí AJOL tó ti ń kó jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà jọ láti 1998. Pé jọ́nà kan kò sí nínú àkójọ kan kò sọ pé ayédèrú ni. Àmọ́ bí ìwé ìpè bá fún yín ní ọjọ́ méjì péré, tó ń kókìkí yín bí ẹni tó ń kí ọba, tí àkọlé rẹ̀ sì jẹ́ ti iṣẹ́ ọkàn tàbí ti epo nígbà tó jẹ́ pé omi ni ẹ mọ̀, ẹ kò jẹ wọ́n ní èsì kankan.

Bí jọ́nà bá jẹ́ ojúlówó, ẹ dá olóòtú lóhùn láàárín ọjọ́ méjì, yálà ẹ gbà tàbí ẹ kọ̀. Ẹni tó kọ̀ lọ́jọ́ kejì kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Ẹni tó dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló dá iṣẹ́ dúró, nítorí olóòtú kò mọ̀ bóyá kó máa dúró dè é tàbí kó wá ẹlòmíràn. Lẹ́yìn gbogbo ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tó ń dúró kí iṣẹ́ rẹ̀ jáde kó tó lè gboyè.

Kí ló so yín mọ́ iṣẹ́ náà?

Ìbéèrè yìí ló le jù nínú àpẹẹrẹ wa. Àjọ COPE, tó ń ṣe ìlànà ìwà tó tọ́ fún àwọn jọ́nà, ní ìtọ́sọ́nà fún àwọn olùyẹ̀wò tó ti wà láti 2013, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2017. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé kí olùyẹ̀wò sọ ohunkóhun tó lè fa ọkàn rẹ̀ sí apá kan, yálà owó ni, ìbátan ni, tàbí iṣẹ́ tó ń bá ti òǹkọ̀wé du ipò.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà mẹ́ta tó lè gbà kàn yín. Àkọ́kọ́: orúkọ alábòójútó yín wà lára àwọn òǹkọ̀wé. Ẹ kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Kò sí àlàyé tó lè tún un ṣe. Èkejì: ẹ̀yin náà ń kọ iṣẹ́ kan lórí omi Ajah, ẹ sì ti fẹ́ fi ránṣẹ́ sí jọ́nà. Ẹ kọ̀ ọ́ pẹ̀lú, nítorí bí tiwọn bá pẹ́, tiyín ni yóò jẹ àǹfààní. Ẹ má sì gbà á nítorí kí ẹ lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé inú ẹ̀sítéètì tí wọ́n ti bu omi ni ẹ ń gbé. Èyí kò fi dandan sọ pé kí ẹ kọ̀. Ẹ mọ ibi tí omi ti ń dúró lẹ́yìn òjò, ẹ mọ bí ṣalángá ṣe sún mọ́ bọ́họ́ọ̀lù tó ní àwọn ilé kan. Ìmọ̀ yìí wúlò fún àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé onílé yín ló ń ta omi bọ́họ́ọ̀lù fún àdúgbò, tàbí pé ẹ̀yin gan-an ní ilé tí ẹ fẹ́ tà níbẹ̀, èsì iṣẹ́ náà lè gbé owó yín sókè tàbí kó já a wálẹ̀. Ohun tó yẹ ni kí ẹ kọ ìlà méjì sí olóòtú kí ẹ tó tẹ `Accept`: "Inú ẹ̀sítéètì tí wọ́n ti ṣe ìwádìí yìí ni mo ń gbé, bọ́họ́ọ̀lù ni mo sì ń lò. Ṣé mo ṣì lè yẹ̀ ẹ́ wò?" Òun ló ni ìdájọ́. Ohun tí a sọ ṣáájú kì í di ẹ̀sùn tó bá yá.

Ẹ tún ro ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá gbà. Àṣírí ni iṣẹ́ tí a kò tíì tẹ̀. Bí ẹ bá rí i nínú tábìlì wọn pé bọ́họ́ọ̀lù kan lẹ́bàá ilé yín kò dára, ẹ kò lè gbé e lọ sórí Wọ́tsáàpù ẹgbẹ́ àwọn olùgbé ẹ̀sítéètì. Bí ó bá dà bí ẹni pé ewu wà fún àwọn èèyàn, olóòtú ni kí ẹ kọ̀wé sí, kí ó bá àwọn òǹkọ̀wé sọ ọ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun kò ní lè pa ẹnu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ omi tí àwọn ọmọ òun ń mu, kó kọ ìpè náà. Ìdí tó mọ́gbọ́n dání nìyẹn.

Ohun kan wà tó kan ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ jù. Nígbà mìíràn, ọ̀gá yín ni wọ́n pè, òun ló wá ní kí ẹ bá òun ṣe é. Kò burú, ọ̀nà kan tí a fi ń kọ́ iṣẹ́ náà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́dọ̀ olóòtú, kí orúkọ yín sì wà nínú ohun tó fi ránṣẹ́. Ẹ lè sọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi sọ fún olóòtú pé èmi náà máa kà á?" Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe máa ń wọ ìwé àwọn olóòtú, tí ìpè tó ń bọ̀ á fi jẹ́ tiyín.

Ẹ ka wákàtí, ẹ má ka ọjọ́

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dà bí ohun tó gùn. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ kọ́ ni a fi ń yẹ iṣẹ́ wò, wákàtí ni. Ìròyìn tí Publons gbé jáde ní 2018 fi hàn pé àyẹ̀wò kan sábà máa ń gba nǹkan bíi wákàtí márùn-ún. Ti ẹni tó ti mọ́ lára nìyẹn. Ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ tàbí ìkejì, kó fi wákàtí mẹ́jọ sí i. Bí mo ṣe máa ń pín in rèé: wákàtí kan láti kà á tán láìmú bírò, méjì àbọ̀ fún ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é àti àwọn òǹkà, ọ̀kan àbọ̀ láti wo àwọn iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀, méjì láti kọ èsì, wákàtí kan lọ́jọ́ kejì láti tún un kà.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí Abraham Adésànyà. Ẹni tó ń lọ sí Akọkà láti ibẹ̀ ní láti jáde nílé ní bí aago márùn-ún ìdájí, kí súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ ojú títì Lẹkki tó dé, kó tó wá gun Third Mainland Bridge. Bó bá fi máa padà, ilẹ̀ ti ṣú, ara sì ti rẹ̀ ẹ́. Wákàtí inú ọkọ̀ kò ṣeé kà mọ́ wákàtí àyẹ̀wò: èèyàn kò lè ṣírò òǹkà nínú dáńfó, iṣẹ́ àṣírí kì í sì ṣe ohun tí ẹni tó jókòó tì yín gbọ́dọ̀ máa bá yín kà. Nítorí náà, ẹ yọ ọjọ́ iṣẹ́ kúrò. Ẹ yọ ọjọ́ Àìkú kúrò fún ìjọ àti ẹbí. Ohun tó kù ni wákàtí mẹ́ta láàárọ̀ Sátidé, àti wákàtí kan àbọ̀ lálẹ́ Ọjọ́rú tí ẹ kì í lọ sílé ìwé.

Wákàtí mẹ́rin àbọ̀ lọ́sẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta máa fún yín ní mẹ́tàlá àbọ̀, mẹ́jọ ni ẹ sì nílò. Ó dà bíi pé àyè wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo kàlẹ́ńdà: ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n yín wà ní Sátidé kejì, ọ̀sẹ̀ kẹta sì ni ẹ máa gbé orí kan nínú ìwé oyè yín fún alábòójútó, gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ti lọ. Ohun tó kù gan-an ni mẹ́rin àbọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti ọ̀kan àbọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Mẹ́fà péré. Bí iná bá lọ lálẹ́ Ọjọ́rú kan, ó di mẹ́rin àbọ̀.

Ìdáhùn yín wá hàn. Ẹ kò lè gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ lè gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nítorí ọ̀sẹ̀ kẹrin á mú àpapọ̀ wákàtí yín dé mẹ́wàá àbọ̀. Ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó gbà: "Mo lè fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ 28, kì í ṣe 21. Bí èyí kò bá bá yín mu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹlòmíràn." Ọ̀pọ̀ olóòtú máa gbà, nítorí ọjọ́ 28 tó dájú sàn ju ọjọ́ 21 tí a kò ní pa mọ́ lọ. Ẹ fi wákàtí méjì sí i nínú ọkàn yín pẹ̀lú: bí àwọn òǹkọ̀wé bá tún iṣẹ́ náà ṣe, ó lè padà sọ́dọ̀ yín lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

Ibi tó yẹ kí wákàtí náà lọ

Pé èèyàn pẹ́ lórí iṣẹ́ kò sọ pé ó rí nǹkan nínú rẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde nínú JAMA ní 1998 rí i pé àyẹ̀wò ń dára sí i bí àkókò tí a lò lórí rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, títí dé nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn kò tún fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Nínú òmíràn tó jáde ní 2008, àwọn olùwádìí mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe ńlá mẹ́sàn-án sínú iṣẹ́, wọ́n sì fi í han àwọn olùyẹ̀wò BMJ. Tí a bá pín in dọ́gba, ohun tí olùyẹ̀wò kan rí kò tó mẹ́ta.  Ìdí nìyí tí mo fi fún ọ̀nà àti òǹkà ní wákàtí tó pọ̀ jù.

Lẹ́yìn ìjókòó àkọ́kọ́, ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta: kí ni wọ́n béèrè, báwo ni wọ́n ṣe wá a, kí ni wọ́n ní àwọn rí. Nínú àpẹẹrẹ wa, ẹ̀kẹta kò bá èkejì mu. Wọ́n ní omi òkun "ti ń wọlé", ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n bu omi, ní oṣù keje. Ohun tó ń rìn kò ṣeé fi àwòrán kan ṣoṣo mọ̀. Oṣù keje sì wà nínú òjò ńlá Èkó, nígbà tí omi òjò ń la omi òkè ilẹ̀. Ohun tí wọ́n lè sọ ni pé iyọ̀ wà níbẹ̀ ní oṣù yẹn. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ó ń pọ̀ sí i, wọ́n nílò omi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tàbí ti ọdún mìíràn.

Ní ìjókòó kejì, ẹ mú bírò àti káṣíólẹ́tọ̀. Nínú omi, agbára àwọn áyọ́ọ̀nù pọ́sítíìfù àti ti nẹ́gátíìfù gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ẹ mú bọ́họ́ọ̀lù kan nínú tábìlì wọn, ẹ pín mg/L kọ̀ọ̀kan fún ìwọ̀n rẹ̀ tó dúró fún agbára kan, kí ẹ sì ṣe ìṣírò náà:

```
Na 69/23 = 3     Ca 40/20 = 2     Mg 12/12 = 1    -> 6
Cl 284/35.5 = 8  HCO3 61/61 = 1   SO4 48/48 = 1   -> 10
(6 - 10) / (6 + 10) = -0.25 = -25%
```

Èyí tí a sábà máa ń gbà kì í ju 5% lọ. 25% kì í ṣe ohun tí a lè gbójú fò. Ó lè jẹ́ pé wọ́n po omi náà láti fi kà á lórí ẹ̀rọ, wọ́n sì gbàgbé láti fi ìpò náà sọ òǹkà di púpọ̀ padà. Ó lè jẹ́ ẹni tó tẹ tábìlì ló ṣì í. Ẹ má fẹ̀sùn kan wọn. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Nínú bọ́họ́ọ̀lù yìí, àìdọ́gba áyọ́ọ̀nù jẹ́ 25%. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti gbogbo 24 hàn, kí ẹ sì ṣàlàyé èyí tó ju 5% lọ." Kíloráìdì 284 mg/L yẹn ju 250 tí ìlànà omi mímu Nàìjíríà fàyè gbà lọ, nítorí náà bóyá ó tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń mu ún.

Ohun kẹta tí ẹ máa béèrè ni orísun iyọ̀ náà. Kì í ṣe òkun nìkan ló ń mú kíloráìdì wọ omi. Omi ìdọ̀tí láti inú ṣalángá náà ń mú un wá, níbi tí ilé ti há mọ́ra wọn. Irú omi bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbé náítíréètì wá pẹ̀lú, àwọn òǹkọ̀wé yìí kò sì wọn náítíréètì. Bí ìṣòro bá jẹ́ ti ṣalángá, dídín omi fífà kù kò ní wò ó; gbígbé ṣalángá jìnnà sí bọ́họ́ọ̀lù ló lè ràn án lọ́wọ́. Àṣìṣe nípa orísun máa mú kí gbogbo ẹ̀sítéètì ná owó sí ohun tí kò yẹ.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ni iṣan àyẹ̀wò yín: ìgbà tí wọ́n bu omi, àìdọ́gba òǹkà, àti orísun. Ẹ tò wọ́n sókè, ẹ fi òǹkà sí i, ẹ sọ ohun tí òǹkọ̀wé lè ṣe sí ìkọ̀ọ̀kan. Àwọn àṣìṣe kéékèèké lè wà nísàlẹ̀ nínú ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí apá kan bá kọjá ìmọ̀ yín, bí àpẹẹrẹ bí wọ́n ṣe fi iná wọn ilẹ̀, ẹ sọ fún olóòtú pé ẹ kò yẹ apá yẹn wò. Ìyẹn dára ju kí ẹ dákẹ́, kó rò pé ẹ ti rí i pé ó dára.

Mélòó ni ó yẹ kí ẹ gbà lọ́dún?

Ìṣírò kan wà tó rọrùn. Bí ẹ bá fi iṣẹ́ méjì ránṣẹ́ sí jọ́nà lọ́dún, tí ẹni mẹ́ta sì yẹ ìkọ̀ọ̀kan wò, àyẹ̀wò mẹ́fà ni àwọn ẹlòmíràn ṣe fún yín. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta tí ẹ jọ kọ wọ́n, gbèsè yín jẹ́ méjì. Àwọn iṣẹ́ tí wọ́n kọ̀ pẹ̀lú wà nínú ìṣírò yìí, nítorí ẹnì kan kà wọ́n. Méjì lọ́dún, ní wákàtí mẹ́wàá ìkọ̀ọ̀kan tí a bá ka ti ẹ̀ẹ̀kejì mọ́ ọn, jẹ́ ogún wákàtí. Ẹ lè fi wọ́n sí kàlẹ́ńdà láti oṣù kìíní, sí ìgbà tí ìdánwò kò sí. Nígbà tí ìpè kẹta bá dé, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa sọ.

Bí ẹ bá sì máa kọ̀, ìlà mẹ́ta ti tó: ẹ dúpẹ́, ẹ sọ pé ẹ kò ní àyè títí di oṣù báyìí, kí ẹ sì dárúkọ ẹni méjì tó mọ ọ̀rọ̀ náà tí wọn kò sì bá àwọn òǹkọ̀wé ṣiṣẹ́. Orúkọ wọ̀nyẹn ni olóòtú nílò jù. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ iṣẹ́ jáde, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún un.